Oúnjẹ Ìyá Ìkókó: Ọ̀sẹ̀ Kan, Láti Ọjọ́ Ìbí Dé Ọjọ́ Ìkómọ

Ìkòkò ọbẹ̀ la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Ọkọ kan ní, "Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí ni kí n máa sè fún un?" Arábìnrin kan ní ìyá òun wà lọ́nà jíjìn, ìyá ọkọ òun kò sì tíì dé, òun nìkan ló wà nínú yàrá méjì pẹ̀lú ọmọ tuntun. Ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ mí tipẹ́ mọ̀ pé oúnjẹ ni iṣẹ́ mi níbí ní Abẹ́òkúta. N kì í ṣe dókítà. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni pé kí n mú yín gba inú ọ̀sẹ̀ kan kọjá, láti ọjọ́ tí ọmọ dé títí di àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ tí a ó sọ ọ́ lórúkọ. Àpẹẹrẹ tí mo máa lò ni ti àbúrò mi obìnrin, nítorí èmi ni mo dáná fún un lọ́sẹ̀ náà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nígbà tó délé

Ìdájí ọjọ́ Jímọ̀ ló bímọ. Wọn kò ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ṣùgbọ́n ó ya díẹ̀ lójú ara, wọ́n sì rán an. Ẹ̀jẹ̀ tó dà pọ̀ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tó fi máa kúrò nílé ìwòsàn lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, pí-sí-fíì rẹ̀ jẹ́ 27. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ pí-sí-fíì, bó ṣe rí nìyí: tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí wọ́n fi ẹ̀rọ yí i, apá tó pupa á sọ̀ sísàlẹ̀, omi á lé sókè. Iye tí apá pupa yẹn kó nínú ọgọ́rùn-ún ni pí-sí-fíì. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tó sì ní 27, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Wọn kò fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ṣùgbọ́n wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní kó padà wá lọ́sẹ̀ kẹfà.

Nítorí náà, iṣẹ́ mẹ́ta ni oúnjẹ rẹ̀ ní láti ṣe. Èkíní, kó dá ẹ̀jẹ̀ tó lọ padà. Èkejì, kó ràn án lọ́wọ́ láti rí omi ọmú fún ọmọ. Ẹ̀kẹta, kí ìgbẹ́ rẹ̀ rọ̀, nítorí ẹni tí wọ́n rán lójú ara tí ìgbẹ́ rẹ̀ bá le, ó mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Gbogbo oúnjẹ tí mo máa dárúkọ lónìí, ẹ wò ó bóyá ó ń ṣe ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí.

Láfún kékeré, ọbẹ̀ rẹpẹtẹ

Màmá wa ti dé sílé ṣáájú wa. Ọmọ Ẹ̀gbá pọ́ńbélé ni wọ́n. Wọ́n gbé àpò láfún kan wá, wọ́n gbé ata gbígbẹ wá, wọ́n sì ti gbé omi kaná. Ẹ̀yin náà mọ ipò tí láfún wà lọ́dọ̀ Ẹ̀gbá. Nígbà tí Màmá ro ti àkọ́kọ́, wọ́n ro ó tó ìwọ̀n ti ẹni tó ń lọ sóko. Ọbẹ̀ ata wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹja kékeré kan péré ló sì wà nínú ọbẹ̀ náà.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká bù ú kù díẹ̀."

Wọ́n ní, "Ebi á máa pa á. Ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú!"

Òótọ́ ni Màmá sọ. Ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú nílò oúnjẹ tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó tó ìwọ̀n àwo oúnjẹ kékeré kan sí i lójúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí láfún jẹ́. Ẹ̀gẹ́ ni. Wọ́n bó o, wọ́n rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ bíi mẹ́ta sí márùn-ún títí ó fi rọ̀, wọ́n sá a gbẹ, wọ́n lọ̀ ọ́. Ó ń fúnni lágbára, kò sì sí àléébù nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀ nínú rẹ̀, ohun tí ara fi ń tún ẹran ara ṣe kò pọ̀ nínú rẹ̀. Tí láfún bá kún ikùn, ibi tí ẹja àti ẹ̀fọ́ ìbá wọ̀ sí ti dí nìyẹn.

Torí náà mo sọ fún Màmá pé a ò gba láfún lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí òkèlè kan tó ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kí ọbẹ̀ kún àwo, kí ègé ẹja tàbí ẹran méjì wà nínú rẹ̀. Tí ebi bá tún ń pa á, kó tún jẹun lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta. Ọ̀nà yìí ló bá ìyá ìkókó mu jù, nítorí ọmọ kì í jẹ́ kó jókòó pẹ́ nídìí oúnjẹ kankan.

Ọ̀rọ̀ kejì tí a bá Màmá sọ ni ti ata. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ata tó ta gan-an ló ń fọ ilé ọmọ mọ́. Ohun tó ń mú kí ilé ọmọ sún kì, kó sì lé ẹ̀jẹ̀ tó kù jáde, ni ọmú tí ọmọ ń fà. Ìdí nìyẹn tí inú fi máa ń run ìyá nígbà tí ọmọ bá ń mu ọmú ní ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́. Ata kò sí nínú iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn àgbà ń sè tó gbóná yẹn dára púpọ̀, nítorí omi wà nínú rẹ̀, ẹja wà nínú rẹ̀, ó sì rọrùn láti mu fún ẹni tó rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbóná láti orí iná. Kò dìgbà tó bá ta títí omi fi ń jáde lójú. Ata tó pọ̀ jù máa ń ta ibi tí wọ́n rán nígbà tí èèyàn bá yàgbẹ́, jẹ̀díjẹ̀dí tó ti wà láti inú oyún á sì tún gbérí.

Ohun tí a rà

Ọjà Láfẹ́nwá la ti ra púpọ̀ nínú rẹ̀, a sì ra èyí tó kù ní Kútọ̀. Ẹja àrọ̀ méjì tó jẹ́ bíi kílò kan lọ́kọ̀ọ̀kan, kòtè, ẹja gbígbẹ, edé, ẹdọ̀ màlúù ìwọ̀n ìdajì kílò, adìẹ ìbílẹ̀ kan. Ẹ̀wà, ògì, ẹyin, iṣu. Ewédú, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹ̀fọ́ ṣọkọ, ilá. Ìrú, ata ilẹ̀, ẹ̀ẹ̀rù, ìyèré. Ọsàn, ìbẹ́pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ìrẹsì ọ̀fàdà náà wà níbẹ̀, nítorí àdúgbò wa ló ti wá. Ìlú Ọ̀fàdà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé níhìn-ín, wọn kì í sì í bó èèpo rẹ̀ tán pátápátá, èyí tó ń mú kí ìgbẹ́ rọ̀ ju ìrẹsì funfun lọ.

Tí owó kò bá tó fún ẹran àti adìẹ, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ẹ̀wà, ẹyin, kòtè àti edé lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ ni pé kí ọbẹ̀ jẹ́ ata àti epo nìkan.

Ìkòkò àkọ́kọ́: omi ẹja gbígbóná

Èyí ni ọbẹ̀ tí a máa ń padà sí lọ́sẹ̀ náà, torí náà mo máa sọ ọ́ dáadáa. Ẹ gé ẹja àrọ̀ kan sí ègé mẹ́fà. Ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ da omi gbígbóná lé e, ẹ fi ọwọ́ ra á kí yíyọ̀ ara rẹ̀ lè kúrò, kí ẹ sì ṣàn án. Ẹ gbé kọ́ọ̀pù omi mẹ́fà kaná. Ẹ gé àlùbọ́sà kan sí i, ẹ lọ ata ilẹ̀ tó tó àtàǹpàkò, ata rodo kan ṣoṣo àti tòmátò méjì. Ẹ fọ́ ẹ̀ẹ̀rù méjì, kí ẹ ju èèpo rẹ̀ sínú omi, ẹ ó yọ ọ́ tó bá yá. Ẹ bu ìyèré lílọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré sí i, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré. Tí omi bá ti hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ kó ẹja sí i, kí ẹ jẹ́ kó jinná lórí iná jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má rò ó, kí ẹja má bàa fọ́. Tí ẹ bá ní ewé efinrin, ẹ já a sí i nígbà tí ẹ bá fẹ́ sọ̀ ọ́.

Ìkòkò yìí tó fún ọjọ́ kan àti ààbọ̀. Èyí tí kò jẹ lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì. Tí kò bá sí iná mànàmáná, ẹ gbé e kaná títí yóò fi hó láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ má sì jẹ́ kó sùn lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ kìíní: Jímọ̀, nílé ìwòsàn

Ó bímọ ní ìdájí. Ohun àkọ́kọ́ tó béèrè ni omi. Lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí nọ́ọ̀sì ní ó lè jẹun, ẹ̀kọ mímu tí mo gbé wá nínú fúláàsìkì ló kọ́kọ́ mu, wàrà wà nínú rẹ̀. Lọ́sàn-án, ó mu omi ẹja kọ́ọ̀pù méjì, ó sì jẹ ègé ẹja kan pẹ̀lú iṣu sísè ègé méjì. Lálẹ́, ó tún mu ẹ̀kọ, ó sì jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ kan.

Ẹ̀yin tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ẹ má gbé oúnjẹ fún un kí ẹ tó béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Omi díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀kọ mímu tàbí omi ẹja, kó tó kan oúnjẹ líle.

Ọ̀rọ̀ kan nípa ọmọ níbí. Omi ọmú àkọ́kọ́ tó ki, tó ní àwọ̀ bí ìyeyè, oúnjẹ ọmọ ni. Ẹ má fún un dànù, ẹ má sì fún ọmọ ní omi tàbí àgbo nítorí pé ó kéré. Ikùn ọmọ náà kéré.

Ọjọ́ kejì: Sátidé, a délé

Láàárọ̀, ẹ̀kọ gbígbóná àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ méjì tí a fi ẹyin àti ẹja sí. Lọ́sàn-án, omi ẹja àti iṣu. Lálẹ́, láfún tó tó ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́, ewédú kún àwo, ọbẹ̀ ata tí kò ta, àti ègé kòtè méjì. Ọjọ́ yẹn ni Màmá rí i pé àwo ọbẹ̀ lè kún ju àwo òkèlè lọ, kí ilé má sì wó.

Láti ọjọ́ yìí ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé níbi tí àìtó ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ láàárín àwọn aláboyún, kí ìyá máa lo oògùn yìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá lẹ́yìn ìbí. Ẹ fi omi tàbí omi ọsàn lò ó. Ọsàn ń ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà irin tó wà nínú rẹ̀. Tíì ń dí i lọ́wọ́, kokò náà ń dí i, wàrà náà sì ń dí i. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mu tíì tàbí Mílò, kó fi wákàtí kan sí méjì jìnnà sí oògùn àti sí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Tí ìgbẹ́ bá dúdú lẹ́yìn oògùn yìí, ẹ má fòyà, oògùn náà ló fà á.

Ọjọ́ kẹta: Àìkú, ọmú kún

Ọjọ́ kejì sí ìkẹrin lẹ́yìn ìbí ni ọmú sábà máa ń kún gan-an. Ti àbúrò mi kún lọ́jọ́ kẹta, òǹgbẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ́. Ohun tí a ṣe kò ju pé ife omi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá jókòó láti fọ́mọ lọ́mú. Kó mu ún bí òǹgbẹ bá ṣe ń gbẹ ẹ́ tó. Èèyàn tó bá ń fipá mu omi kò ní tìtorí ìyẹn ní omi ọmú jù. Ọmọ tó ń fa ọmú dáadáa, lọ́pọ̀ ìgbà, lọ́sàn-án lóru, ló ń mú kí ó wá.

Oúnjẹ ọjọ́ náà: ẹyin méjì tí a fi tòmátò àti àlùbọ́sà dín, pẹ̀lú iṣu, láàárọ̀. Lọ́sàn-án, ìrẹsì ọ̀fàdà pẹ̀lú ọbẹ̀ tòmátò àti ẹdọ̀. Ẹ má lo ọbẹ̀ aláta tí wọ́n sábà máa ń fi jẹ ọ̀fàdà. Ẹdọ̀ ni oúnjẹ ẹ̀jẹ̀ tó yára jù nínú gbogbo ohun tí a rà. Ẹ gé e pẹlẹbẹ, ẹ jẹ́ kó jinná dénú, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ sì ti tó. Ó fi ọsàn kan lé e. Lálẹ́, ẹ̀kọ tútù tí a fi ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ jẹ. Ẹ̀kọ lè tutù o, ọbẹ̀ ló gbóná.

Ọjọ́ kẹrin: Ajé, ọ̀rọ̀ ilé ìgbẹ̀

A kì í sọ èyí nígbangba, ṣùgbọ́n ó ń dá àwọn ìyá ìkókó lóró. Ó ti di ọjọ́ mẹ́rin, àbúrò mi kò tíì yàgbẹ́, torí ẹ̀rù ibi tí wọ́n rán ń bà á. Oògùn ẹ̀jẹ̀ náà sì máa ń mú ìgbẹ́ le. A fi oúnjẹ ọjọ́ náà ṣe é. Láàárọ̀, ìbẹ́pẹ àwo kan àti ẹ̀kọ mímu gbígbóná. Lọ́sàn-án, ẹ̀wà rírọ̀. A ti rẹ ẹ̀wà náà sómi láti alẹ́, a da omi náà nù, a fi omi tuntun sè é títí ó fi rọ̀ dáadáa, a bu epo pupa díẹ̀ àti edé sí i. Rírẹ yẹn ń dín afẹ́fẹ́ inú kù. Lálẹ́, láfún kékeré, ilá àti ẹ̀fọ́ nínú ìkòkò kan, ẹja gbígbẹ. Ó yàgbẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sì rọrùn.

Ọjọ́ karùn-ún àti ìkẹfà: Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú

Ọjọ́ karùn-ún, a pa adìẹ. Omi adìẹ gbígbóná pẹ̀lú ata ilẹ̀ ni ti ọ̀sán, pẹ̀lú ìrẹsì. Àkàrà àti ẹ̀kọ ni ti àárọ̀. Lálẹ́, láfún pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, ẹran adìẹ lórí rẹ̀. Gbẹ̀gìrì wọ̀ dáadáa fún ẹni tí kò lè jẹ ẹ̀wà lódidi.

Ọjọ́ kẹfà, a sè oúnjẹ àwọn ará Ìjẹ̀bú tí ilé wọn kò jìnnà sí wa: ìkókórẹ́, ewùrà rírin tí a fi ẹja gbígbẹ, edé àti epo pupa sè. Ó gbóná, ó rọ̀, èèyàn lè fi ọwọ́ kan jẹ ẹ́ kí ọmọ wà lọ́wọ́ kejì. Ẹyin sísè méjì wà láàárọ̀ pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè. Lálẹ́, ẹ̀fọ́ ṣọkọ pẹ̀lú ẹdọ̀ tó kù nínú fíríìjì dídì, àti òkèlè kékeré.

Ní ọjọ́ wọ̀nyí, mo máa ń gbé fúláàsìkì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ kí n tó lọ sùn, ẹ̀kọ mímu ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì. Ebi aago mẹ́ta òru kì í dúró de alásè.

Ọjọ́ keje: Ọjọ́bọ̀, ilé kún

Èyí ni ọjọ́ tí wọ́n máa ń gbàgbé ìyá ọmọ. Ẹbí dé, wọ́n gbé ìkòkò ńlá síta, gbogbo èèyàn ń gé àlùbọ́sà ti ìkómọ ọjọ́ kejì. Ẹ bi í léèrè ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó lè jẹ́ pé búrẹ́dì àti mínírà nìkan ló ti fẹnu kàn. Nítorí náà, mo ya ìkòkò tirẹ̀ sọ́tọ̀ láti àárọ̀: omi ẹja àrọ̀ kejì. Mo fi àbúrò wa ọkùnrin ṣe alábòójútó rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó gbé e lọ fún un ní aago mẹ́wàá, aago méjì àti aago méje.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìkómọ, kí àlejò tó dé, ó ti jẹ ẹ̀kọ, ọ̀lẹ̀lẹ̀ àti ẹyin. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n máa gbé ìrẹsì pupa wá.

Ọ̀rọ̀ káún

Màmá fẹ́ fi káún sínú ewédú, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Wọ́n ní kí nìdí. Mo sọ ọ̀rọ̀ Sàríà fún wọn. Lọ́hùn-ún, láàárín àwọn Haúsá, àṣà wà pé kí ìyá ìkókó máa mu ẹ̀kọ tí wọ́n fi káún púpọ̀ sè, kó sì máa fi omi gbígbóná gan-an wẹ̀ fún ogójì ọjọ́. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn dókítà ilé ìwòsàn yunifásítì ní Sàríà rí i pé ọ̀pọ̀ ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni ara wọn ń wú, tí ọkàn wọn kò lè ti ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́. Wọ́n fura sí iyọ̀ inú káún tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ àti ooru náà. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé àwọn nǹkan mìíràn lè wà nídìí àìsàn náà, kì í ṣe àṣà yẹn nìkan. Ṣùgbọ́n iyọ̀ rẹpẹtẹ kò yẹ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wú láti inú oyún, pàápàá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá a jà. Ewédú tútù á yọ̀ fúnra rẹ̀ tí ẹ bá fi ìjábẹ̀ ja á dáadáa. Mágì náà, ẹyọ kan fún ìkòkò ti tó, ìrú á ṣe ìyókù.

Ti àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ, ẹ má fún un. Ohun tí ìyá mu lè dé inú omi ọmú.

Ibi tí oúnjẹ mọ

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ọ̀sẹ̀ kan kò lè dá ẹ̀jẹ̀ tó lọ padà. Nígbà tí àbúrò mi padà sílé ìwòsàn lọ́sẹ̀ kẹfà, pí-sí-fíì rẹ̀ ti di 34. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó lò lójoojúmọ́ àti irú ìkòkò yìí tí a ń sè lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló gbé e débẹ̀.

Àwọn nǹkan kan sì wà tí ọbẹ̀ kò lè ṣe. Tí ẹ̀jẹ̀ bá kún páàdì kan láàárín wákàtí kan, tàbí tó ń yọ ní ègé ńláńlá. Tí ara bá gbóná, tàbí tí ohun tó ń jáde lójú ara bá ń rùn. Tí orí bá ń fọ́ ọ gidigidi tí ojú sì ń ṣú. Tí kò bá lè mí dáadáa nígbà tó bá dùbúlẹ̀. Tí ẹsẹ̀ kan bá wú, tó sì ń dùn ún ju èkejì lọ. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ kọ́kọ́ fún un ní omi gbígbóná mu. Ẹ pe ọkọ̀, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lóru yẹn náà, ì báà jẹ́ Ìdí-Àbà, ì báà jẹ́ èyí tó sún mọ́ yín jù.

Ẹ̀yin ọkọ tí ẹ béèrè ìbéèrè yẹn, ìdáhùn mi ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí omi ẹja. Ẹ lọ ra ẹja àrọ̀ kan lọ́la. Ẹ̀yin tí ìyá yín sì ń sè é lọ́nà mìíràn nílé, ní Òwu, ní Ìbarà, ní Òkè-Ọnà, tàbí ní Gbágùrá, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́, kí ẹ sọ ohun tó wà nínú ìkòkò náà fún mi, a ó gbé e sétí gbogbo èèyàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dìgbà náà o.